Bodo: Epo Tó Sùn Sínú Ẹrẹ̀

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2025, iná sọ lára ọ̀pá epo kan ní Bodo, ìlú àwọn Ogoni kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Gokana, ìpínlẹ̀ Rivers. Lọ́jọ́ kejì, Ààrẹ Tinubu kéde òfin pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ náà, ó ní kí gómìnà àti àwọn aṣòfin lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà. Láti ọjọ́ náà, ta ló jẹ̀bi láàárín gómìnà àti ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Ọ̀pá epo tó jóná ò tún sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Bodo àti ọ̀pá yẹn ti jọ ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀ tipẹ́. Trans-Niger Pipeline ni wọ́n ń pè é, òun ló ń kó epo rọ̀bì láti àwọn kànga inú igbó lọ sí èbúté Bonny. Láti ọdún 1993 ni Shell ò ti wa epo ní ilẹ̀ Ogoni mọ́, lẹ́yìn tí àwọn ará ibẹ̀ fárígá. Àmọ́ ọ̀pá náà ò dúró. Ó ṣì ń gba abẹ́ oko wọn àti abẹ́ omi wọn kọjá, ó ń gbé epo ẹlòmíì. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí epo ń ṣe fún apẹja àti àgbẹ̀, ẹ fi ìròyìn iná ọdún 2025 sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 2008.

Mo sọ èyí nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n bá ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlà kan náà ni gbogbo wọn máa ń kọ: epo dànù, ẹja kú, ohun ọ̀gbìn gbẹ, ebi pa ará ìlú. Irọ́ kọ́ o. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹja tó kú lọ́jọ́ tí epo dànù ni gbogbo wàhálà, ẹja mìíràn ì bá ti tinú òkun wọlé kí ọdún tó yí po. Ìbéèrè tó yẹ ká béèrè ni pé kí ló dé tí ẹja ò padà wá?

Bodo wà létí omi, àmọ́ kì í ṣe omi òkun gbalasa. Ọ̀nà omi tóóró-tóóró ni wọ́n, wọ́n ya síhìn-ín ya sọ́hùn-ún láàárín igbó. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni omi òkun máa ń kún wọ inú igbó yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló sì máa ń fà padà. Nígbà tí omi bá fà, ẹrẹ̀ dúdú ló máa ń kù, ìyẹn sì ni oko àwọn obìnrin. Wọ́n á gbé agbọ̀n, wọ́n á wọ inú ẹrẹ̀ dé orúnkún, wọ́n á máa ṣa ìsáwùrú, wọ́n á máa mú akàn. Kò gba ọkọ̀ ojú omi, kò gba àwọ̀n, kò gba owó. Opó tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ lè ti ibẹ̀ bọ́ ọmọ.

Ohun tó di ẹrẹ̀ yẹn mú ni igi ẹ̀gbà. Ẹni tó bá ti dé etí omi ní ilẹ̀ Ìlàjẹ á mọ̀ ọ́n: igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ò wọlẹ̀ tán, tó dúró lórí ẹsẹ̀ púpọ̀ bí aláǹtakùn. Ìdí tó fi dúró bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí afẹ́fẹ́ nínú ẹrẹ̀ oníyọ̀. Àwọn gbòǹgbò tó wà lókè wọ̀nyẹn ni imú igi náà, wọ́n ní ojú wínní-wínní lára tí wọ́n fi ń mí. Láàárín gbòǹgbò náà ni àwọn ẹja kan máa ń wá yé sí, ibẹ̀ náà ni ọmọ ẹja àti edé kéékèèké ti ń sá pamọ́ fún àwọn ẹja ńlá títí wọ́n á fi dàgbà tó ẹni tó lè jáde sí òkun. Ní kúkúrú, ilé ìkókó ni igbó ẹ̀gbà jẹ́ fún ẹja.

Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2008, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ lára ọ̀pá náà là. Íǹṣì 24 ni ọ̀pá ọ̀hún ní ìbú. Epo ń ru jáde sínú omi, ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ni wọ́n tó dí i. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, ọ̀pá yẹn tún là níbòmíì, ó sì di ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2009 kí wọ́n tó dí ìyẹn náà. Nínú ìgbà méjèèjì tí ọ̀pá là yìí, kò sẹ́ni tó sọ pé olè ló fọ́ ọ̀pá. Ilé-iṣẹ́ náà gbà pé ohun èlò àwọn ló bàjẹ́.

Ẹ fojú inú wo ohun tí omi kíkún àti omi fífà máa ń ṣe fún epo bẹ́ẹ̀. Epo léfòó lórí omi. Tí omi bá kún, ó gbé epo náà gòkè, ó fi ń kun gbogbo gbòǹgbò ẹ̀gbà láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí omi dé. Tí omi bá fà, epo ò bá a lọ tán. Ó jókòó sórí ẹrẹ̀. Lójijì ó rí ihò akàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò ló wà lójú ẹrẹ̀, akàn ló gbẹ́ wọn, ihò kọ̀ọ̀kan sì dà bí ọ̀nà ọ̀fun. Epo gba ibẹ̀ wọlẹ̀. Omi tún kún ní wákàtí mẹ́fà sí i, ó tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, ó tún gbé òmíràn wá. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ nìyẹn, fún oṣù mélòó kan.

Ohun tó kọ́kọ́ kú ni ohun tó wà lójú ẹrẹ̀: ìsáwùrú, akàn, àwọn ẹja kékeré tó máa ń fò lórí ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ni igi. Imú igi ti dí, kò lè mí. Ewé á pọ́n, á re, igi á dúró síbẹ̀ láìní ewé bí ìgbà tí iná jó o. Nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà igbó ẹ̀gbà ló bàjẹ́ ní Bodo lọ́nà yìí. Nígbà tí gbòǹgbò bá jẹrà tán, kò sóhun tó di ẹrẹ̀ mú mọ́, omi á máa wọ́ ọ lọ. Ẹja tó sì fẹ́ tinú òkun wá yé ò bá ilé ìkókó mọ́. Ìdí rèé tí ẹja ò fi padà. Kì í ṣe pé májèlé ṣì ń pa á bó ti ń wọlé; ibi tó ń bọ̀ wá dé ni kò sí mọ́.

Epo tó wọ inú ẹrẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kejì. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ epo rọ̀bì, ọlọ́run ló dá wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ kíákíá níbi tí afẹ́fẹ́ bá wà. Lójú omi, oòrùn àti kòkòrò wọ̀nyí á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́n apá tó fúyẹ́ nínú epo dànù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbẹ́ ẹrẹ̀ ẹ̀gbà jìn bí ìka ọwọ́ kan péré, afẹ́fẹ́ ti tán. Kòkòrò ibẹ̀ ń fà bí ìgbín. Epo tó bá dé ibẹ̀ lè wà fún ogún ọdún láì yí padà púpọ̀, bí ìgbà tí èèyàn tọ́jú ẹran sínú yìnyín.

Bẹ́ẹ̀ ojú ẹrẹ̀ lè mọ́ o. Ẹni tó bá wá ya fọ́tò á ní nǹkan ti dára. Àwọn ará ibẹ̀ kì í wo ojú ẹrẹ̀, igi ni wọ́n máa ń tì bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ti igi gígùn bọ inú ẹrẹ̀ tí epo sùn sí, tí ẹ sì fà á yọ, omi á sun kún ihò náà, àwọ̀ bí òṣùmàrè á tàn sójú rẹ̀, òórùn dísẹ́ẹ̀lì á sì gba imú yín. Ẹ má tíì pariwo epo nítorí àwọ̀ òṣùmàrè nìkan o. Nínú àbàtà tí epo ò dé rí, kòkòrò kan tó ń jẹ irin nínú ilẹ̀ máa ń fi irú àwọ̀ yẹn sójú omi. Ẹ fi igi kékeré gún un. Bó bá fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí èépá tí kò sì so pọ̀ mọ́, iṣẹ́ kòkòrò ni. Bó bá ya tó sì tún padà pàdé ara wọn bí ẹni pé ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀, epo ni.

Èló ni epo tó dànù? Ibi tí ẹjọ́ wà gan-an nìyí, mo sì fẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ pa pọ̀.

Nígbà tí epo bá dànù ní Nàìjíríà, àwọn kan máa ń lọ síbẹ̀ láti ṣe àbẹ̀wò àjùmọ̀ṣe: òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo, òṣìṣẹ́ ìjọba láti àjọ NOSDRA, àti aṣojú ìlú. Wọ́n á kọ ọjọ́ tí epo bẹ̀rẹ̀, ohun tó fà á, àti iye àgbá tó dànù sínú fọ́ọ̀mù kan, wọ́n á sì jọ fọwọ́ sí i. Ó dára bí ẹ bá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ló ni ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n bá lọ? Ta ló ní ẹ̀rọ tó lè díwọ̀n epo? Ilé-iṣẹ́ tó ni ọ̀pá ni. Aṣojú ìlú, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ apẹja, á fọwọ́ sí ohun tí kò lè yẹ̀ wò.

Fọ́ọ̀mù Bodo ti ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀pá là sọ pé ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ni epo bẹ̀rẹ̀ sí í dànù, pé àgbá 1,640 ló sì jáde. Àgbá kan jẹ́ lítà 159. Tánkà ńlá tí ẹ máa ń rí lójú ọ̀nà Lagos sí Ìbàdàn, lítà 33,000 ni ó ń gbé. Nítorí náà àgbá 1,640 tó nǹkan bí tánkà mẹ́jọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn onímọ̀ ọ̀pá epo kan láti Amẹ́ríkà, Accufacts, wo fídíò tí wọ́n yà níbi tí epo ti ń tú jáde. Wọ́n ní bó ṣe ń ru yẹn, kò lè dín ní àgbá 1,440 lóòjọ́, ó sì lè tó 4,320. Tí ẹ bá gba ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ kọ gbọ́, ọjọ́ 33 ni ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá. Ẹ fi 1,440 lọ́nà 33, ó di àgbá 47,520, tánkà bí 230. Bó bá sì jẹ́ ọjọ́ tí ará ìlú sọ ni ẹ gbà, ìyẹn ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ 71 ni, ó di àgbá 102,240. Tánkà bí 500 nìyẹn. Iye tó kéré jù nínú ìdíwọ̀n àwọn onímọ̀ yẹn ni mo lò o, mi ò tíì kan èyí tó pọ̀ jù.

Tánkà mẹ́jọ àti tánkà 500 lórí ìgbà kan ṣoṣo tí ọ̀pá là. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe fún tánkà mẹ́jọ kò lè kan ojú tánkà 500, owó ìtanràn àti owó gbà-má-bínú náà kò lè bára mu. Nígbà tí ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 2014, Shell fúnra rẹ̀ gbà nínú ìwé ẹjọ́ pé epo tó dànù ju èyí tí wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù lọ.

Ohun kejì tó wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn ni ojú ibi tí wọ́n ti ń kọ ohun tó fà á. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló fọ́ ọ̀pá, ilé-iṣẹ́ ò jẹ ará ìlú ní owó gbà-má-bínú. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kọ síbẹ̀, “ìbàjẹ́ ohun èlò” tàbí “iṣẹ́ àwọn jàǹdùkú”, ló ń sọ bóyá àgbẹ̀ kan á gba owó tàbí kò ní gba nǹkan kan. Mi ò sọ pé kò sí jàǹdùkú o. Wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀. Àwọn tó ń jí epo dá ọ̀pá lu, tí wọ́n ń sè é nínú igbó, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní kpo-fáyà níbẹ̀, ti ba ibi púpọ̀ jẹ́, àti Bodo náà lẹ́yìn ọdún 2009. Omi tí wọ́n tún da epo sí lẹ́yìn tí epo ọ̀pá ti wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà sọ pé èyí ni ti olè, èyí ni ti ilé-iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é sì jẹ́ ọmọ apẹja tí omi bàbá wọn ò mú ẹja wá mọ́.

Ní ti owó, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá fún Bodo ní 2009 ni £4,000 pẹ̀lú àpò ìrẹsì, àpò ẹ̀wà, gàrí, ṣúgà àti tòmátò. Ìlú tó ju ẹgbàárùn-ún ènìyàn lọ dáadáa lẹ ń bá wí yìí. Wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n wá agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kíní ọdún 2015, wọ́n yanjú rẹ̀ láì jẹ́ kí ó dé ìdájọ́: mílíọ̀nù £55. Mílíọ̀nù £20 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìlú, èyí tó kù di ti àwọn ènìyàn 15,600, ó sì lé díẹ̀ ní £2,200 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà ó tó nǹkan bí ₦600,000. Ẹni tó ń fi ìsáwùrú gbọ́ bùkátà lójoojúmọ́ ló máa mọ iye ọdún tí ₦600,000 lè rọ́pò fún.

Ẹ jẹ́ ká gòkè kúrò nínú ẹrẹ̀ wá sí oko.

Ilẹ̀ oko àti ẹrẹ̀ ò rí bákan náà. Nínú ilẹ̀ oko, afẹ́fẹ́ àti omi ló máa ń wà láàárín erùpẹ̀. Epo á gba ibẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Bó bá gbẹ, erùpẹ̀ náà kì í gba omi mọ́. Bí ẹ bá da omi sí i, omi á máa yí gbirigbiri lórí rẹ̀ bí ìgbà tí òjò bá bọ́ sórí ewé kókò. Òjò rọ̀ tán, gbòǹgbò ò mu. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ epo tún wá fa ìṣòro míì: bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́, náítírójìn inú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń dàgbà, ohun náà ni ẹ̀gẹ́ sì fẹ́ jẹ. Kòkòrò á ṣáájú. Ìdí rèé tí ewé ẹ̀gẹ́ fi ń pọ́n lórí ilẹ̀ tí epo kò tiẹ̀ pọ̀ jù, tí ẹ bá sì wú u, ìṣù rẹ̀ á dà bí ọmọ ìka.

Ohun tí wọ́n máa ń ṣe láti tún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe kò le láti lóye. Wọ́n á fi katakata tàbí ọkọ́ yí ilẹ̀ náà padà kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, wọ́n á da ajílẹ̀ sí i kí kòkòrò lè rí náítírójìn jẹ, wọ́n á sì dúró. Tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé epo inú rẹ̀ kò tó mílígíráàmù 5,000 nínú kílò erùpẹ̀ kan, ìwé á jáde pé ilẹ̀ ti mọ́. Níbi tí epo ò bá jìn, ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n òjò ilẹ̀ Rivers kì í ṣe òjò ẹ̀rín. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán ẹ̀ka rẹ̀ UNEP lọ sí Ogoni, tí àbọ̀ wọn sì jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, wọ́n rí epo tó ti wọlẹ̀ tó mítà márùn-ún ní ibi 49. Ọkọ́ wo ló máa yí mítà márùn-ún padà? Wọ́n yẹ ibi 15 tí ìwé ilé-iṣẹ́ sọ pé wọ́n ti tún ṣe tán wò. Mẹ́wàá nínú rẹ̀ ni kò tíì mọ́, kódà bí a bá fi òṣùwọ̀n ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ní Nsisioken Ogale, omi kànga tí àwọn ènìyàn ń mu ní bẹnsíìnì tó ju iye tí àjọ ìlera àgbáyé gbà láàyè lọ ní ìlọ́po 900, bẹnsíìnì ọ̀hún sì ń fa jẹjẹrẹ. Wọ́n ní àtúnṣe gbogbo ilẹ̀ Ogoni lè gba ọdún 25 sí 30, pé kí wọ́n fi bílíọ̀nù kan dọ́là bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gáàsì yàtọ̀. Epo dànù nígbà tí nǹkan bàjẹ́. Gáàsì ń jó nígbà tí gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Bí epo bá ti inú ilẹ̀ jáde, gáàsì wà nínú rẹ̀, bí ó ti wà nínú ìgò mínírà tí a kò tíì ṣí. Ní ibùdó tí wọ́n ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀, epo á gba ọ̀pá tirẹ̀ lọ sí èbúté. Gáàsì náà nílò ọ̀pá tirẹ̀ àti ẹni tó máa rà á, nígbà tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ibùdó náà ní àwọn ọdún 1960, kò sí ìkankan nínú méjèèjì. Wọ́n bá ń ṣáná sí i. Ní ọdún 1979 ìjọba ṣòfin pé kó dópin ní ọjọ́ 1 oṣù Kíní ọdún 1984. Ọjọ́ náà kọjá, iná ṣì ń jó. Owó ìtanràn ni wọ́n wá ń gbà, ní ọdún 1998 ₦10 ni lórí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ onígun gáàsì kan. Ó rọrùn láti san ju láti kọ́ ọ̀pá lọ, ilé-iṣẹ́ wo ló máa ṣe wàhálà? Ọdún 2018 ni wọ́n sọ ọ́ di dọ́là méjì fún àwọn tó ń wa epo púpọ̀. Adájọ́ kan ní Benin ti sọ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2005, nínú ẹjọ́ tí ará Iwherekan kan pè, pé iná gáàsì tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn láti wà láàyè lójú. Iná ò torí ìyẹn kú.

Kí ló ń ṣe fún oko? Ìwádìí kan tí wọ́n máa ń tọ́ka sí wá láti Izombe, ní ìpínlẹ̀ Imo, ní àwọn ọdún 1980. Ohun tí wọ́n gbìn sí nǹkan bí mítà 200 sí iná náà kò so rárá. Ní mítà 600, ìkórè dín ní ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní kìlómítà kan, ó dín ní ìdá mẹ́wàá. Ẹ rí i pé ìjìnnà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ooru ló ń ṣe é jù, ó ń gbẹ ilẹ̀, ó sì ń sun ewé. Ìmọ́lẹ̀ tí kì í kú lóru náà ń da àwọn ohun ọ̀gbìn tó ń ka ọjọ́ kí wọ́n tó yọ òdòdó láàmú.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọ àròkọ ṣọ́ra fún. Gbogbo wọn ló máa ń kọ òjò olóró, pé iná gáàsì ló ń jẹ páànù òrùlé wọn run. Imí-ọjọ́ ló máa ń fa òjò bẹ́ẹ̀ jù, gáàsì Nàìjíríà kò sì ní imí-ọjọ́ púpọ̀. Páànù ń jẹrà ní etí òkun tí kò sí iná gáàsì, iyọ̀ afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé iná náà ń dá kún un, èéfín rẹ̀ ní àwọn nǹkan míì tó korò, ṣùgbọ́n ẹ má fi ohun tí kò fìdí múlẹ̀ ṣáájú èyí tó hàn gbangba. Tí agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ bá ti já ẹ lórí páànù, kò ní gbọ́ ti ẹ̀gẹ́ mọ́.

Iná yẹn náà ni àwọn obìnrin Urhobo ní Delta máa ń sá gàrí wọn tí wọ́n ń pè ní kpokpo gàrí sí. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àpò nítòsí iná, wọ́n á bo orí àti ojú, wọ́n á sáré wọlé láti yí i, wọ́n á sáré jáde. Ohun tí oòrùn á fi ọjọ́ mélòó kan gbẹ, iná gáàsì á gbẹ ẹ́ láàárín wákàtí. Igi ìdáná wọ́n, òjò sì ń rọ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n mọ̀ pé èéfín náà ò dára fún ara. Iná tó jó oko wọn ni wọ́n fi ń gbẹ ohun tó kù nínú oko.

Àwa Yorùbá náà ò lè ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn. Ìlàjẹ wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, omi òkun kì í sì í ka ààlà ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kíní ọdún 1998, ọ̀pá Mobil kan là ní Idoho, létí òkun Akwa Ibom, ó da àgbá 40,000 sínú òkun. Ìgbì gbé e lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó dé etí òkun Lagos. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ni kànga Ororo ní iwájú òkun Ìlàjẹ gbiná, ó sì jó lọ fún ọdún bí mélòó kan lójú àwọn apẹja.

Ní Bodo, iṣẹ́ àtúnṣe ti ń lọ láti 2017. Omi ni wọ́n ń fún sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú páìpù, kí epo tó sùn níbẹ̀ lè léfòó, wọ́n á fi ohun tó ń fa epo kó o. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbin ẹ̀gbà. Èso igi yẹn rọrùn láti gbìn, ara igi níbẹ̀ ló ti ń hù, ó gùn bí lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé, ó sì ń fi ẹnu sọlẹ̀ gún ẹrẹ̀ bó bá já. Ọ̀pọ̀ ló ti hù, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Àwọn ará ìlú kan ní ìsàlẹ̀ kò mọ́ bí òkè ti mọ́, ilé-iṣẹ́ ní ó mọ́, wọ́n ṣì ń bá ara wọn fà á.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025 yẹn kan náà ni Shell parí títa apá iṣẹ́ rẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ Nàìjíríà fún Renaissance, àwọn ilé-iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀pá Bodo bá wọn lọ. Ìjọba tún ń bá àwọn Ogoni sọ̀rọ̀ kí wíwa epo lè bẹ̀rẹ̀ padà lórí ilẹ̀ wọn. Ẹjọ́ tí àwọn ará ìlú Ogale àti Bille pe Shell sì ṣì wà ní ilé ẹjọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 adájọ́ níbẹ̀ sọ pé wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ epo tó ti dànù tipẹ́ wá síwájú òun, tó bá jẹ́ pé epo náà ṣì wà nínú ilẹ̀ wọn. Ohun tí ará ìlú fi ń mọ̀ nìyẹn tẹ́lẹ̀: ẹ ti igi bọ inú ẹrẹ̀, ẹ fà á yọ, ẹ wo ohun tó sun kún ihò.